Ìran Fóònù Márùn-ún: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Pín Ìgbì?

Bí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ a kó ara wọn jọ sínú kíláàsì, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn ní ìbéèrè. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn há sórí kò ju ìlà márùn-ún lọ: 1G, ọ̀rọ̀ ẹnu, 2G, àtẹ̀jíṣẹ́, 3G, íńtánẹ́ẹ̀tì, 4G, íńtánẹ́ẹ̀tì tó yá, 5G, èyí tó tún yá jù ú lọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ bí olùkọ́ bá ti béèrè pé, "Kí ló mú kó yá?", gbogbo kíláàsì á dákẹ́ wẹ́lo.

Ìgbì rédíò tí ìjọba ń tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù dà bí ilẹ̀ ẹbí. Ó ní ààlà, kò ṣeé nà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́lé sórí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Lẹ́tà G yẹn, ìran ló dúró fún, ìran kọ̀ọ̀kan sì ní ọgbọ́n tirẹ̀ tó fi ń pín ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá di ọgbọ́n pínpín yìí mú kò ní nílò láti há nǹkan púpọ̀ sórí.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fò: kí ni sẹ́ẹ̀lì? Nígbà tí kò tíì sí i, òpó gíga kan ṣoṣo ló ń bójú tó odindi ìlú, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Bí òpó náà bá ní ọ̀nà ìgbì méjìlá, èèyàn méjìlá péré ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní gbogbo ìlú, ẹni kẹtàlá á dúró. Ní ọdún 1947, Douglas Ring tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà kọ àbá kan sílẹ̀ pé kí wọ́n gé ìlú sí wẹ́wẹ́, kí apá kọ̀ọ̀kan ní òpó kékeré tirẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò ní dé òkèèrè. Apá kọ̀ọ̀kan yẹn ni sẹ́ẹ̀lì. Ká mú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀nà ìgbì tí ẹnì kan ń lò ní Bódìjà kò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Àgbowó tó wà nítòsí, torí ohùn méjèèjì á dàpọ̀. Ṣùgbọ́n ní Chállẹ́ǹjì, níbi tí ìgbì Bódìjà ti rẹ̀ kó tó dé, wọ́n lè fi ọ̀nà kan náà fún ẹlòmíràn, ẹnì kankan kò ní di ẹnì kejì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà wá, ìbéèrè méjì ló kù: ẹni mélòó ló lè wà lórí ọ̀nà kan, àti pé báwo ni ibi tí a ti máa tún ọ̀nà náà lò ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó?

Ìdáhùn 1G sí ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn: ẹnì kan, ọ̀nà kan. Tókíò ni ilé-iṣẹ́ NTT ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1979, ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AMPS sì bẹ̀rẹ̀ ní Ṣikágò ní oṣù kẹwàá ọdún 1983. Nínú AMPS, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 30 kílóháàtísì, ẹni tó bá sì ti gbé e lọ́wọ́, tirẹ̀ ni títí tí yóò fi gbé fóònù kalẹ̀, ì báà sọ̀rọ̀, ì báà dákẹ́. FDMA ni orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ sínú ìwé ìdánwò fún irú ìpín bẹ́ẹ̀.

Ohùn fúnra rẹ̀ ló ń gun ìgbì lọ nínú 1G, bó ṣe ń gun ti rédíò orí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ di nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni kò sì fi bò ó. Ẹni tó bá ní rédíò tó lè wá ìgbì kiri lè jókòó sílé kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé nọ́ńbà tí fóònù fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ ń lọ ní ìhòòhò lójú afẹ́fẹ́, àwọn ọ̀daràn a gbà á, wọn a kọ ọ́ sínú fóònù mìíràn, owó á sì máa wọlé sórí onífóònù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èkó náà tọ́ 1G wò: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 090 wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá díẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ NITEL nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1991 ni wọ́n ṣí GSM ní Fínlándì, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Radiolinja. Harri Holkeri, tó ti ṣe olórí ìjọba ibẹ̀ rí, ló pe ìpè àkọ́kọ́. Ìran kejì ti dé nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè pínpín ni pé kí ènìyàn mẹ́jọ lo ọ̀nà kan, kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀nà náà fẹ̀ tó 200 kílóháàtísì. Wọ́n gé àkókò sí wẹ́wẹ́, yípo kan kò sì gba ju ìdá 4.6 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nínú yípo yẹn, fóònù àkọ́kọ́ á sọ tirẹ̀ wéré, á dákẹ́. Ẹ̀kejì á sọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé ẹ̀kẹjọ, á sì tún kan ẹni àkọ́kọ́. TDMA nìyẹn.

"Kí ló dé tí etí kì í gbọ́ pé ohùn ń já?" Ìbéèrè gidi nìyí. Fóònù 2G kì í fi ohùn ránṣẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu. Ó máa ń gba ohùn ìdá 20 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á fún un pọ̀ débi tí kò ní gba àyè mọ́, á sì jù ú lọ nígbà tó bá kàn án. Fóònù òdìkejì á tú u padà, á tò ó tẹ̀ lé ara wọn, etí á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ geere.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi etí ara wọn gbọ́ TDMA láìmọ̀. Ta ni kò rántí ariwo "tí-tí-tí, tí-tí-tí" tó máa ń bú jáde látinú sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí rédíò orí tábìlì ní ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan kí fóònù tó dún? Fóònù tó ń tan ìgbì rẹ̀ tó sì ń pa á ní gbogbo ìgbà tí yípo bá kàn án ló fà á. Bí a bá pín 1,000 sí ọ̀nà 4.6, ó tó ìgbà 217 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì wà láàárín ohun tí etí èèyàn lè gbọ́ dáadáa. Wáyà sípíkà ló ń ṣe bí àńtẹ́nà tó gbà á. Àwọn ọmọ tí 4G bá láyé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ariwo yìí mọ́, torí ìran tó tẹ̀ lé e kì í tan ìgbì kó sì máa pa á lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò kan wà tó yẹ kí gbogbo kíláàsì ṣe pọ̀, torí ó máa ń tú àṣìṣe kan. Akẹ́kọ̀ọ́ a ní 2G gba ènìyàn púpọ̀ ju 1G lọ nítorí pé èèyàn mẹ́jọ ló ń lo ọ̀nà kan. Ẹ jẹ́ ká wò ó. 200 kílóháàtísì tí a pín fún ènìyàn mẹ́jọ jẹ́ 25 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. 1G ń fún ẹnì kan ní 30. Kí ni èrè inú 25 àti 30? Kékeré ni. Ibi tí èrè ti wà ni ìbéèrè kejì, ìyẹn bí ibi tí a ti ń tún ọ̀nà lò ṣe jìnnà tó. Ohùn 1G tètè ń dàrú, nítorí náà wọ́n sábà máa ń pín àwọn ọ̀nà sí agbo sẹ́ẹ̀lì méje kí wọ́n tó tún wọn lò. Nọ́ńbà 2G ní ọgbọ́n tí ó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe bí díẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, ó lè fara da ariwo aládùúgbò, agbo mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì tó o.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìgbì tó fẹ̀ tó 8,400 kílóháàtísì lọ sí apá kan, tó sì ní irú rẹ̀ fún àbọ̀. Pẹ̀lú 1G, 8,400 tí a pín sí 30 jẹ́ ọ̀nà 280. Pín in fún sẹ́ẹ̀lì méje, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á gba 40. Ènìyàn ogójì ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀. Pẹ̀lú 2G, 8,400 tí a pín sí 200 jẹ́ ọ̀nà 42; pín in fún sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á gba 14; sọ 14 di ìlọ́po mẹ́jọ, ó di 112. Díẹ̀ nínú àyè yìí máa lọ fún iṣẹ́ ìdarí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n 40 ti di nǹkan bíi 100 lórí ilẹ̀ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ìṣirò yìí sílẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ "àtẹ̀jíṣẹ́" nìkan kò lè dáhùn láéláé.

Yípo yìí kan náà ló dá ààlà kan sílẹ̀. Ìgbì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé òpó, nítorí náà fóònù tó jìnnà gbọ́dọ̀ tètè sọ tirẹ̀ kó má baà bọ́ sí àkókò ẹlòmíràn. Òpó ló máa ń sọ fún un bó ṣe máa tètè tó, pẹ̀lú nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 63, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 550. Ìlọ́po 63 ìyẹn kò kọjá kìlómítà 35. Apẹja tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ sójú òkun lè rí i pé fóònù ṣì ń gbọ́ òpó, síbẹ̀ kí ìpè má lọ, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ bá ti ṣe ètò pàtàkì sórí òpó náà. Agbára ìgbì kọ́ ló tán. Àkókò ló ti kọjá.

Lórí àtẹ̀jíṣẹ́, ìbéèrè tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni "Ìgbà wo?" Ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1992 ni Neil Papworth fi kọ̀ǹpútà tẹ ìkíni Kérésìmesì ránṣẹ́ sí fóònù Richard Jarvis, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Vodafone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kọ Yorùbá ni "Kí nìdí tó fi jẹ́ 160?"

Àtẹ̀jíṣẹ́ ń gba ojú ọ̀nà tóóró tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń rán iṣẹ́ sí ara rẹ̀, àpò tó sì ń gbé e kò gbà ju bíìtì 1,120 lọ. Àwọn tó ṣe GSM to tábìlì lẹ́tà kan kalẹ̀ tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń gba bíìtì méje. 1,120 tí a pín sí méje jẹ́ 160. Àwọn lẹ́tà tó wọ inú tábìlì yẹn ni ti àwọn ará Yúróòpù: à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Á, í, ó àti ú pàápàá kò sí. Tí ìkan ṣoṣo nínú wọn bá ti wọ inú iṣẹ́ tí èèyàn ń tẹ̀, fóònù á pa tábìlì kékeré tì, á lọ sí tábìlì ńlá tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 16. 1,120 tí a pín sí 16 jẹ́ 70 péré.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn tẹ iṣẹ́ tó gùn tó lẹ́tà 150 láìfi àmì kankan sí i. Ojú ewé kan ni, owó ẹ̀kan ni. Ó wá rántí pé orúkọ ìyàwó yẹ kó ní "ọ" tó péye, ó sì fi sàmì sábẹ́ ẹyọ kan. Gbogbo iṣẹ́ náà á yí padà. Nígbà tí iṣẹ́ bá gùn ju ojú ewé kan lọ, àyè díẹ̀ tún máa lọ fún àmì tó ń so wọ́n pọ̀, lẹ́tà 67 ló sì kù lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé méjì gba 134, kò tó. Iṣẹ́ náà ti di mẹ́ta, owó rẹ̀ náà sì di ẹ̀mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni "ẹ̀kọ́", tí ojú rí bí lẹ́tà mẹ́ta, ń gba àyè márùn-ún, torí pé àmì ohùn tó wà lórí ẹ̀ àti ọ́ ń gba àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí dun èèyàn, kò sì yẹ kí wọ́n máa bú àwọn tó ń kọ Yorùbá láìsí àmì lórí fóònù bí ọ̀lẹ; ọ̀pọ̀ wọn ni owó àtẹ̀jíṣẹ́ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ yẹn láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fóònù rẹ̀ ti yí tábìlì padà lè wo nọ́ńbà kékeré tó ń ka lẹ́tà sílẹ̀ lójú fóònù: bí ó bá já láti ọgọ́rùn-ún lé lójijì sí ẹ̀wádún, ó ti ṣẹlẹ̀.

Kí 3G tó dé, 2G fúnra rẹ̀ kọ́ láti gbé dátà. Lẹ́tà G tó máa ń hàn lókè fóònù dúró fún GPRS, E sì dúró fún EDGE, tó yá díẹ̀ sí i. Orin tó tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin jẹ́ mílíọ̀nù bíìtì 32. Lórí GPRS tó ń gbé ẹgbẹ̀rún bíìtì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa gba ju ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lọ.

NTT DoCoMo ṣí 3G ní Japan ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2001, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún bíìtì 384 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Orin yẹn kan náà ti di ìṣẹ́jú kan àti àáyá mẹ́tàlélógún. Ọgbọ́n pínpín rẹ̀ ló sì máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú jù, nítorí pé ó dà bí ẹni pé wọn kò pín nǹkan kan. Gbogbo fóònù ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ìgbì kan náà tó fẹ̀ tó mẹgaháàtísì márùn-ún, ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ara wọn.

Ẹni tó bá ti lọ sí òde ńlá yóò mọ bó ṣe ṣeé ṣe. Onílù mẹ́rin tàbí márùn-ún ń lu dùndún káàkiri abẹ́ àtíbàbà. Lójú àlejò, ariwo lásán ni. Ṣùgbọ́n kí ọ̀kan nínú wọn ṣáà fi ìlù pe oríkì ilé bàbá ẹnì kan. Ibi yòówù kí ẹni náà jókòó sí, orí rẹ̀ á wú, á gbọ́ ọ yàtọ̀, torí ó ti mọ ohun tó ń retí. Nínú 3G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀, á fi kóòdù náà lu bíìtì kọ̀ọ̀kan ní àlùtúnlù, ìgbà mílíọ̀nù 3.84 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù tó mọ kóòdù náà á fà á yọ. Lójú àwọn yòókù, ariwo ló jẹ́. CDMA ni orúkọ rẹ̀. Nàìjíríà ti mọ orúkọ náà kí ìjọba tó ta ìwé àṣẹ 3G ní 2007, nítorí pé Starcomms àti Multilinks ń lo irú rẹ̀ kan, títí kan fóònù orí tábìlì tí kò ní wáyà.

Àléébù rẹ̀ náà wà nínú àpẹẹrẹ ìlù. Bí onílù kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí tó sì ń lù ú tagbára tagbára, oríkì tó ń bọ̀ láti òkèèrè á rì. Nítorí náà òpó 3G máa ń sọ fún fóònù kọ̀ọ̀kan pé kó gbé ohùn sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, bí èèyàn bá ṣe ń pọ̀ lórí òpó ni ariwo ń pọ̀, ẹni tó jìnnà jù á sì bọ́ sílẹ̀. Bí ilé kan ní etí ìlú bá ń rí 3G dáadáa ní òwúrọ̀ kùtù, tí kì í rí i mọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá wà lórí fóònù, òpó kò bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ti sún kì ni. Á tún fẹ̀ padà nígbà tí àwọn èèyàn bá sùn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, TeliaSonera ṣí 4G ní Stockholm àti Oslo. Ìbéèrè tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ni ìdí tí wọ́n fi fi kóòdù sílẹ̀. Gbohùngbohùn ni. Ìgbì máa ń lu ògiri àti òrùlé, á sì tún dé lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Oníwàásù tó dúró nínú gbọ̀ngàn ńlá tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n dáadáa: bó bá sọ̀rọ̀ kíákíá, gbohùngbohùn gbólóhùn àkọ́kọ́ á bo èkejì mọ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rọra sọ ọ́. 3G ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbohùngbohùn á ba ti rẹ̀ jẹ́.

4G rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu púpọ̀ ló fi ń sọ ọ́. Ó gé ìgbì tó fẹ̀ tó mẹgaháàtísì 20 sí okùn tín-ín-rín 1,200, ọ̀kọ̀ọ̀kan 15 kílóháàtísì. Okùn kọ̀ọ̀kan ń gbé tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n sì tún fi àlàfo kékeré kan sáàárín gbólóhùn kan àti èkejì kí gbohùngbohùn kú kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbì lè rìn ju kìlómítà kan lọ láàárín àlàfo náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pín àwọn okùn náà, méjìlá-méjìlá, fún àwọn fóònù, tí wọ́n sì lè tún un pín ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń wo fídíò á gba púpọ̀. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn á gba díẹ̀ nígbà tó bá ṣí ojú ewé, kò sì ní gba nǹkan kan nígbà tó bá ń kà á. OFDMA nìyẹn.

Pakúté ìdánwò kan wà níbí: ṣé LTE jẹ́ 4G? Àjọ ITU ti kọ́kọ́ ní kí 4G lè gbé bílíọ̀nù bíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá fún ẹni tó dúró sójú kan. LTE àkọ́kọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, ITU gbà kí wọ́n máa pè é ní 4G pẹ̀lú. Nítorí náà, ìdáhùn tó péye ni pé LTE-Advanced ló kójú òṣùwọ̀n náà, LTE sì ń jẹ́ orúkọ náà nípa ìyọ̀ǹda.

Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ ni pé 4G kò ní ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpè bíi ti àwọn àgbà rẹ̀. Dátà ni gbogbo rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ àti fóònù kò bá tíì mú ètò ohùn orí 4G tí wọ́n ń pè ní VoLTE ṣiṣẹ́, fóònù gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G kó tó lè dún. Gbogbo ọmọ kíláàsì lè dán an wò lójú ẹsẹ̀: kí wọ́n pe ara wọn, kí wọ́n sì wo òkè fóònù. Bí 4G bá di H tàbí E bí ìpè ṣe ń lọ, tí WhatsApp sì ń fà tàbí tó dúró, fóònù ti sọ̀ kalẹ̀. Bí 4G bá wà níbẹ̀ títí ìpè fi parí, VoLTE ló ń ṣiṣẹ́.

Nípa 5G, ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kì í ṣe ti ìdánwò rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ìròyìn gba ìlú kan pé 5G ló ń fa àrùn kòrónà. Kòkòrò àrùn kì í gun ìgbì rédíò. Nàìjíríà gan-an kò sì tíì ta ìgbì 5G nígbà náà. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejìlá ọdún 2021 ni NCC tó ṣe gbàǹjo rẹ̀, tí MTN àti Mafab san mílíọ̀nù dọ́là 273.6 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni MTN ṣí tirẹ̀ fún ará ìlú.

Kí ni wọ́n rà ní iye yẹn? Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mẹgaháàtísì 100, ní ìlọ́po márùn-ún èyí tó fẹ̀ jù tí ìgbì 4G kan ń gbà. Okùn tín-ín-rín náà ni 5G ṣì ń lò, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ 4G ti mọ ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì wà nínú gígùn ìgbì. Ní gígáháàtísì 3.5 tí wọ́n ta, ìgbì kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.6, ní mẹgaháàtísì 900 tí GSM ń lò, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi àlàfo ìdajì ìgbì sáàárín àńtẹ́nà méjì. Bí a bá to àńtẹ́nà 64, mẹ́jọ-mẹ́jọ, ti GSM máa fẹ̀ ju mítà kan lọ níbùú àti lóròó. Ti 5G kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ, ó ṣeé gbé kọ́ sórí òpó. Pẹ̀lú àńtẹ́nà tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, òpó lè kó ìgbì jọ bí iná tọ́ọ̀ṣì, kó tàn án sí fóònù kan, kó sì tan òmíràn sí fóònù mìíràn ní ìsọdá títì, lórí okùn kan náà, ní àkókò kan náà. Ibi tí wọ́n ń kọjú ìgbì sí ti wá di ohun tí wọ́n ń pín.

Ìgbì kúkúrú náà ló sì ń fa ìkùnà rẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù ń dènà rẹ̀ ju bó ṣe ń dènà ti GSM lọ, kì í sì í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 5G fi lè hàn lójú fèrèsé, kó di 4G ní yàrá ẹ̀yìn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ sì tún máa ń kéde pé 5G ń dáhùn láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Àárín fóònù àti òpó nìkan ni òṣùwọ̀n yẹn wà fún. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó kìlómítà 5,000 lọ́nà tó ṣe tààrà jù, ìmọ́lẹ̀ nínú okùn gíláàsì abẹ́ òkun ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ gba ìdá 50 nínú 1,000, kí a tó ka ohunkóhun mìíràn. Kò sí G kankan tó lè gé ìyẹn kù. Àyàfi kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn náà súnmọ́ Èkó.

Ìbéèrè kan tí kì í sí nínú ìwé ṣùgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́ ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n máa ń pa àwọn ìran àtijọ́?" Wọ́n ń pa wọ́n. AT&T ní Amẹ́ríkà pa 2G rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ó sì pa 3G ní oṣù kejì ọdún 2022. Fóònù tí kò mọ VoLTE, ì báà gbé íńtánẹ́ẹ̀tì 4G, kò lè pe ìpè lásán lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà mọ́, nítorí pé kò sí ibi tó máa sọ̀ kalẹ̀ sí. Ní Nàìjíríà, 2G ṣì wà, ọ̀pọ̀ fóònù kékeré alátẹ̀ ló sì ń gbé lórí rẹ̀. Ìgbì tí AT&T gbà lọ́wọ́ 3G kò dúró lófo: 4G àti 5G ni wọ́n tún un pín fún.